Aládùúgbò tí kò kápá ọlọ̀tẹ̀: bí àwíjàre gbígbèjà ara ẹni ṣe já níwájú Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ tú palẹ̀ yìí wáyé láàárín orílẹ̀-èdè méjì tó pààlà ní àárín gbùngbùn Áfíríkà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òfin àgbáyé yóò ti dá wọn mọ̀ kó tó kà á dé ìdajì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbé àwíjàre kalẹ̀, àti ibi tó ti já, ni mo fẹ́ kí a gbájú mọ́. Màá máa pe ọ̀kan ní Ìlà-Oòrùn, màá sì máa pe èkejì ní Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wà lórí máàpù.

Òkè gíga àti igbó kìjikìji ló wà ní ààlà àwọn méjèèjì. Ní apá Ìwọ̀-Oòrùn, ọwọ́ ìjọba ò tó ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: kò sí ọ̀nà gidi, ọlọ́pàá ò sí, olú ìlú sì jìnnà réré. Inú igbó yẹn ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń bá ìjọba Ìlà-Oòrùn jà fi ṣe ibùdó. Wọn a sọdá, wọn a pààyàn, wọn a jí èèyàn gbé, wọn a sì padà sínú igbó kí ọmọ ogun tó dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1998, wọ́n ya bo ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ìlà-Oòrùn, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ. Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń ka ìdájọ́ náà máa ń rò pé ìjọba tó pàdánù ẹjọ́ kàn ń purọ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ̀tẹ̀ wà lóòótọ́, òkú wà nílẹ̀ lóòótọ́, àwọn òbí tó sin ọmọ wọn sì wà lóòótọ́.

Kí ni òfin sọ? Ìwé Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní Abala 2, ẹsẹ 4, ka lílo agbára ogun sí orílẹ̀-èdè mìíràn léèwọ̀. Abala 51 ló ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: bí ìkọlù ológun bá ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè kan, ó ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ara rẹ̀, títí Ìgbìmọ̀ Aláàbò yóò fi ṣe ohun tó yẹ, ó sì gbọ́dọ̀ fi ohun tó ṣe tó Ìgbìmọ̀ náà létí lójú ẹsẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Abala náà ò sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe ìkọlù. Ní 1986, nínú ẹjọ́ Nikarágúà àti Amẹ́ríkà, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé tó wà nílùú Hégì sọ pé ohun tí ẹgbẹ́ ológun tí kì í ṣe ti ìjọba bá ṣe lè di ìkọlù ológun bí ó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè kan ló rán wọn, tó sì le tó ohun tí ọmọ ogun gidi ń ṣe. Fífún wọn ní ohun ìjà àti oúnjẹ nìkan ò tó.

Àwọn tó ń gbé àwíjàre "kò fẹ́ tàbí kò lè" kalẹ̀ ń sọ pé ọ̀nà yẹn há jù. Lójú tiwọn, kò pọn dandan kí a fi hàn pé onílẹ̀ ló rán ọlọ̀tẹ̀. Bí onílẹ̀ bá kọ̀ láti dá wọn dúró, tàbí tí kò ní agbára rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń kọlù lè wọ ilẹ̀ náà lọ bá wọn. Wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi Kárólìn ní 1837, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Kánádà sọdá odò Nìágárà, tí wọ́n dáná sun ọkọ̀ tó ń ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ní etíkun Amẹ́ríkà. Ìwé tí ìjọba méjèèjì kọ síra wọn lẹ́yìn náà ni a ti rí ìlànà tí a ṣì ń lò dòní: pé ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kòṣeémàní, kó má sì kọjá ìwọ̀n.

Nínú ẹjọ́ tiwa, ìgbanilááyè ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1997, ààrẹ tuntun gorí àlééfà ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ìlà-Oòrùn sì wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ gbà kí ọmọ ogun Ìlà-Oòrùn wọlé wá bá ọlọ̀tẹ̀ wí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1998, wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan lórí ààbò ààlà, níbi tí wọ́n ti gbà pé ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, àti pé ọmọ ogun ìhà méjèèjì yóò fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, Ìlà-Oòrùn fi ìwé yìí ṣe ẹ̀rí tó lágbára. Ó mú un lọ́wọ́ pé: ṣé ẹ rí i, àwọn fúnra wọn gbà pé ọlọ̀tẹ̀ wà lórí ilẹ̀ wọn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ojú kejì wà fún ìwé kan náà. Ìjọba tó bá ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ ogun rẹ pé kó wọlé wá ràn án lọ́wọ́ ò ṣeé pè ní ìjọba tí kò fẹ́. Ìwọ̀nba tí ìwé náà lè fi hàn ni pé ó nílò ìrànlọ́wọ́, ó sì gbà á. Agbẹjọ́rò tó bá fẹ́ lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ń fún alátakò rẹ̀ ní ẹ̀rí pé onílẹ̀ ní ìfẹ́ rere, ó kéré tán títí di ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i.

Àárín ọdún náà ni ìrẹ́pọ̀ bàjẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje 1998, ààrẹ Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìkéde kan jáde. Orílẹ̀-èdè mìíràn, ọ̀rẹ́ Ìlà-Oòrùn nínú ogun tó ti kọjá, ni ìkéde náà dárúkọ, ó sì ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ máa lọ ilé. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé bí ìgbà tí ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè ń gbé lórí ilẹ̀ òun ti dópin nìyẹn. Ìlà-Oòrùn ní kò kan òun, nítorí wọn ò dárúkọ òun. Ilé-ẹjọ́ gbà pé ìkéde náà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe kedere, ṣùgbọ́n ó ní kò sí ìlànà kan pàtó tí onílẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé kó tó gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Níbi ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Fìkìtóríà Fọ́ọ̀sì ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, Ìwọ̀-Oòrùn fẹ̀sùn kan Ìlà-Oòrùn ní gbangba pé ó ń gbógun wọlé. Ilé-ẹjọ́ ní ó pẹ́ tán, ọjọ́ yẹn ni ìyọ̀ǹda dópin.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Bí ìyọ̀ǹda bá ti dópin, ẹ̀tọ́ tí ọmọ ogun yẹn ní láti wà níbẹ̀ ti kú. Bí ìjọba wọn bá fẹ́ kí wọ́n dúró, àfi kó wá ìdí mìíràn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìdí náà sì ni gbígbèjà ara ẹni. Ìdí tuntun yẹn ní àwọn ìbéèrè tirẹ̀: ìkọlù wo, ní ọjọ́ wo, ta ló ṣe é, kí ni onílẹ̀ wí nígbà tí a sọ fún un, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn? Wọn ò lè mú ẹ̀rí tó wà fún ìyọ̀ǹda kí wọ́n sì fi dáhùn wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ogun ní oṣù kẹjọ yẹn ò dúró de ìdáhùn kankan. Ìlú kan bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun Ìlà-Oòrùn tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti wà ní pápákọ̀ òfurufú ìlú ńlá kan tó jìnnà sí ààlà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Òkè tí ọlọ̀tẹ̀ fi ṣe ibùdó ò sí nítòsí ibẹ̀.

Ohun tó wá ba àwíjàre náà jẹ́ jù ni ìwé kan tí ẹnikẹ́ni láti ìta ò kọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 1998, àwọn ọ̀gá àgbà ọmọ ogun Ìlà-Oòrùn kọ ìwé láti ṣàlàyé ìdí tí ọmọ ogun wọn fi wà ní ilẹ̀ aládùúgbò. Ìdí márùn-ún ni wọ́n kọ: kí orílẹ̀-èdè kẹta kan, tó yàtọ̀ sí èyí tí ìkéde oṣù keje dárúkọ, má bàa ráyè lo ilẹ̀ náà láti da Ìlà-Oòrùn rú, kí wọ́n lè borí àwọn ọlọ̀tẹ̀, kí àìsí ìjọba lágbègbè náà má bàa kó bá ààbò wọn, kí wọ́n dá àwọn apààyàn tó sá wá láti ilẹ̀ mìíràn dúró, kí wọ́n sì wà ní ìmúrasílẹ̀ de ẹni tó bá ń halẹ̀ pé òun yóò gbógun tì wọ́n.

Ẹ tún àwọn ìdí náà kà. Èyí tó kan ọlọ̀tẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan péré. Gbogbo ìyókù ń wo iwájú: kí èyí má ṣẹlẹ̀, kí ìyẹn má wáyé. Ilé-ẹjọ́ sì ṣàkíyèsí pé ìwé náà ò mẹ́nu ba ìkọlù kankan tó ti ṣẹlẹ̀ sí Ìlà-Oòrùn, àti pé ète tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìdènà ju ohunkóhun lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kú ní oṣù kẹfà, ìwé tó yẹ kó ṣàlàyé ogun ní oṣù kẹsàn-án ò sì rántí wọn. Ó dùn mí nígbàkígbà tí mo bá ka ibẹ̀. Ìjọba tó ní ẹ̀dùn ọkàn gidi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé tó jẹ́ kó dà bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń wá.

Ẹ̀rí tí wọ́n wá kó sílẹ̀ ní kóòtù ò ràn wọ́n lọ́wọ́ tó. Wọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn àti orílẹ̀-èdè kẹta yẹn ló ń ran ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fi gbè é lẹ́yìn ni ìròyìn àwọn aṣọ́nà abẹ́lẹ̀ tiwọn, àti ọ̀rọ̀ ẹni tó ti wà láàárín ọlọ̀tẹ̀ rí. Ilé-ẹjọ́ ò ka irú ẹ̀rí tí ẹni tó ń jà nínú ẹjọ́ ṣe fúnra rẹ̀ kún púpọ̀. Ẹ̀rí tó fún ní ìwọ̀n ni èyí tí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ bá sọ, pàápàá bó bá ta ko àǹfààní ìhà tirẹ̀, tí àwọn adájọ́ tó mọṣẹ́ sì ti fi ìbéèrè dán an wò. Ó ṣẹlẹ̀ pé Ìlà-Oòrùn ti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ nílé, adájọ́ ló darí rẹ̀, àwọn ọ̀gágun sì ti wá búra níwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, títí kan ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ogun àti ibi tí wọ́n dé, ni Ilé-ẹjọ́ fà yọ.

Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá 2005. Adájọ́ 16 ló dìbò pé Ìlà-Oòrùn rú òfin tó de lílo agbára ogun, ẹnì kan péré ló ta kò ó. Ilé-ẹjọ́ sọ pé Ìlà-Oòrùn ò tiẹ̀ sọ rí pé ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn ló kọlu òun. Pé kò sí ẹ̀rí tó tẹ́rùn pé Ìwọ̀-Oòrùn ló rán ọlọ̀tẹ̀. Àti pé Ìlà-Oòrùn ò fi ohun tó pè ní gbígbèjà ara ẹni tó Ìgbìmọ̀ Aláàbò létí. Lẹ́yìn èyí ló ní, nítorí náà, kò sí ìdí fún òun láti dáhùn bóyá òfin òde òní fún orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìkọlù ńlá láti ọwọ́ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba. Ó wá fi kún un pé gbígba pápákọ̀ òfurufú àti àwọn ìlú tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ààlà ò jọ ohun tó wà ní ìwọ̀n, kò sì jọ kòṣeémàní.

Àwọn adájọ́ méjì ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe yẹra fún ìbéèrè yẹn. Kooijmans, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, sọ pé bí àṣẹ ìjọba ò bá sí ní apá kan ilẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò bọ́gbọ́n mu láti sọ fún ẹni tí wọ́n ń kọlù láti ibẹ̀ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbèjà ara rẹ̀, kìkì nítorí pé ẹni tó kọlù ú kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Simma, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àwọn méjèèjì dìbò pé Ìlà-Oòrùn jẹ̀bi. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bí Ilé-ẹjọ́ bá tiẹ̀ ti gba àwíjàre náà wọlé, fáìlì yìí ì bá ṣì já, nítorí ìwọ̀n.

Apá tí àwọn ènìyàn kì í sábàá kà dópin, tí ó sì ṣe pàtàkì jù lójú mi, ni ẹjọ́ tí Ìlà-Oòrùn fi dá Ìwọ̀-Oòrùn lóhùn. Ó ní Ìwọ̀-Oòrùn fàyè gba ọlọ̀tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ó jẹ̀bi. Ilé-ẹjọ́ wo òkè náà, ó wo bó ṣe jìnnà tó, ó wo bí ìjọba ò ṣe sí níbẹ̀ rárá, ó sì ní òun ò lè sọ pé àìṣe nǹkan kan ìjọba náà jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú fífàyè gba ọlọ̀tẹ̀. Adájọ́ Tomka ò gbà. Lójú tirẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe tóbi tàbí bó ṣe rí ò gba orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ ojúṣe rẹ̀ láti máa ṣọ́ ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n èrò tirẹ̀ kọ́ ló borí.

Ohun tí èyí jẹ́ kó hàn ni pé "kò lè" àti "kò fẹ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà níwájú òfin, bí a tilẹ̀ ń pè wọ́n pọ̀ bí ìbejì. Ìjọba tí kò fẹ́ ti ṣẹ̀: ó ní ojúṣe láti má jẹ́ kí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ibi sí ẹlòmíì, ó sì kọ̀ ọ́. Ìjọba tó sa gbogbo ipá rẹ̀ tí kò sì lè kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilẹ̀ irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ń béèrè fún ẹ̀tọ́ láti lo ogun lórí ilẹ̀ ẹni tí kò jẹ̀bi. Ẹrù ẹ̀rí ìyẹn wúwo ju tàkọ́kọ́ lọ, ogun rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kéré jù: ibùdó ọlọ̀tẹ̀ nìkan, fún ìwọ̀nba àkókò, láìfọwọ́ kan ìjọba onílẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì 2022, Ilé-ẹjọ́ ní kí Ìlà-Oòrùn san mílíọ̀nù 325 dọ́là gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú fún ìyà tó jẹ àwọn ènìyàn, dúkìá tó bàjẹ́ àti ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n kó. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n pín in sí, mílíọ̀nù 65 lọ́dọọdún.

Láàárín ìdájọ́ méjèèjì yẹn, àwíjàre náà ti gbilẹ̀ níta kóòtù. Ní oṣù kẹsàn-án 2014, Amẹ́ríkà kọ ìwé sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé ìjọba Síríà ò fẹ́ tàbí kò lè dá ẹgbẹ́ ISIL dúró, àti pé Ìráàkì ló bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Jámánì náà kọ tirẹ̀ ní 2015, ṣùgbọ́n ó rọra yan ọ̀rọ̀: ó ní agbègbè kan wà tí àṣẹ ìjọba Síríà ò ti múlẹ̀ mọ́. Mẹ́síkò àti Bràsíìlì wà lára àwọn tó ti sọ ọ́ síta pé àwọn ò fara mọ́ fífẹ Abala 51 lójú báyìí. Nítorí náà, agbẹjọ́rò tó bá sọ fún ìjọba rẹ̀ pé àwíjàre yìí ti di òfin ń sọ ju ohun tó mọ̀ lọ; ẹni tó sì sọ pé kò sí ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀ fún un ò ka àwọn ìwé tó ti wọlé sí Ìgbìmọ̀ Aláàbò láti 2014.

Bí ìjọba bá wá pe ẹ lónìí pé ọlọ̀tẹ̀ ń kọlù wọ́n láti ìta, ìkọlù tó ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, ibi àti orúkọ ẹgbẹ́ tó ṣe é, láti ẹnu ẹni tó ṣojú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́la gba ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé sí onílẹ̀: ibi tí ibùdó wà gan-an, ohun tí a fẹ́ kó ṣe, ìrànlọ́wọ́ tí a lè ṣe fún un, àti ìgbà tí a ń retí èsì. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná débi pé kò sáyè fún èyí, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn gan-an, nítorí àlàyé tí a bá kọ lẹ́yìn ọdún méje kì í dùn létí adájọ́.

Ẹ béèrè láti ka àṣẹ tí àwọn ọ̀gágun máa fọwọ́ sí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí lẹ́tà sí Ìgbìmọ̀ Aláàbò bá ń sọ̀rọ̀ ọlọ̀tẹ̀, tí àṣẹ ológun sì ń sọ̀rọ̀ àìsí ìjọba àti orílẹ̀-èdè kẹta, àṣẹ yẹn ni kóòtù yóò gbàgbọ́. Ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ fi ìka tẹ̀ lé e láti ibùdó ọlọ̀tẹ̀ dé ibi tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ ogun dé. Ibi tí ìka yín bá ti kọjá ibùdó náà ni gbígbèjà ara ẹni ti tán.

Ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ fún onílẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí ìjọba rẹ̀ bá gbé sí ọlọ̀tẹ̀ náà, bó ti wù kó kéré tó, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá fún ọmọ ogun ilẹ̀ mìíràn láyè, kó kọ ibi tí wọ́n lè dé àti ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sínú ìwé. Nígbà tó bá sì fẹ́ gba ìyọ̀ǹda padà, kó dárúkọ orílẹ̀-èdè tó ń bá wí ní tààràtà, kó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀ Aláàbò ní ọjọ́ náà. Ọjọ́ 11 ló wà láàárín ìkéde oṣù keje yẹn àti ìpàdé Fìkìtóríà Fọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lórí wọn, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo ò sí nínú ìkéde náà.